Nígbà Tí Ibà Gágá Bá Lọ Tó Tún Padà

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Bida gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Ilẹ̀ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ló ti ń bọ̀, àwọn aláìsàn sì wà nínú èrò tó kó wá. Kò pẹ́ tí àìsàn náà fi bọ́ sí ìgboro Èkó, tó sì gba ojú irin rélùwéè wọ inú ilẹ̀ lọ. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 ènìyàn tó ń gbé Nàìjíríà nígbà náà, àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ló kú kí oṣù mẹ́fà tó pé. Àìsàn gágá ni, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní fulúù.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn gbà ni pé gágá fúnra rẹ̀ ló pa gbogbo wọn. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, David Morens, Jeffery Taubenberger àti Anthony Fauci, padà sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n yẹ ẹran ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn 58 tí àìsàn náà pa wò, nítorí pé àwọn dókítà ìgbà náà ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Wọ́n tún ka àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n rí nínú òkú 8,398 tí wọ́n là yẹ̀ wò káàkiri ayé. Ohun kan náà ni wọ́n ń bá pàdé ṣáá: bakitéríà ti kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Gágá ló dá àwọn ènìyàn náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù àyà tí bakitéríà fà lẹ́yìn rẹ̀ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn ṣì kan wá. Lónìí a ní òògùn tó ń bá fáírọ́ọ̀sì gágá jà, a sì ní òògùn tó ń pa bakitéríà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní ní ọdún 1918. Àmọ́ òògùn méjèèjì ní àsìkò tiwọn. Ti àkọ́kọ́ wúlò jù lọ láàárín ọjọ́ méjì tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ti ìkejì di dandan bí ara aláìsàn bá ti ń yá, tí ibà sì tún padà lójijì. Ẹni tó bá mọ àsìkò méjèèjì yìí lè gba ẹ̀mí là nínú ilé ara rẹ̀.

Ọ̀fìnkìn kọ́ ni gágá

Bí imú bá ti ń ṣàn lára wa, a ó ní fulúù ló mú wa. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀fìnkìn lásán ni. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ọ̀fìnkìn pọ̀ lọ jàra, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn sì ni ráínófáírọ́ọ̀sì. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀fìnkìn ń wọlé. Lónìí ọ̀nà ọ̀fun ń rìn ọ́ yìnyìn, lọ́la o bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ní ọ̀túnla imú dí tàbí kó máa ṣomi. Ibà kì í sábà bá àgbàlagbà tó ní ọ̀fìnkìn, ó sì ṣeé ṣe kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ ń kùn.

Gágá kì í rọra wọlé. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ le koko ní àárọ̀, kí o sì wà lórí ibùsùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe rí lè sọ wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Òtútù á mú un, ara á gbóná dé ìwọ̀n 38 sí 40, orí á máa fọ́, ẹ̀yìn àti itan á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n lù. Ikọ́ gbígbẹ á tẹ̀ lé e. Imú lè ṣàn, àmọ́ kì í ṣe ohun tí aláìsàn máa kọ́kọ́ ráhùn lé lórí. Àárẹ̀ ni: kò ní lè dìde. Àwọn ọmọdé tún lè máa bì, kí wọ́n sì máa yàgbẹ́. Arúgbó ní tirẹ̀ lè má ní ibà rárá. Ohun tí àwọn ará ilé máa rí ni pé kò jẹun mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lọ geere bó ṣe yẹ.

Láti ọjọ́ tí ènìyàn bá kó gágá, nǹkan bí ọjọ́ méjì ló sábà máa ń gbà kó tó hàn lára rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kan tàbí mẹ́rin. Àrùn Kòrónà lè lo ọjọ́ méjì sí mẹ́rìnlá. Kòrónà jọ gágá púpọ̀, àmọ́ ó lè gba òórùn àti adùn oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn pátápátá, bí yóò bá sì le, nínú ọ̀sẹ̀ kejì ló sábà máa ń le. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn wà tí àwọn dókítà ń pè ní RSV. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè ṣe é bí ọ̀fìnkìn lásán, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè ti inú kàtá bọ́ sínú èémí líle láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí àyà rẹ̀ yóò máa dún fíì-fíì, tí kò sì ní lè mu ọmú.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ibà ẹ̀fọn tún wà níbẹ̀. Màlééríà náà ń fa òtútù, orí fífọ́ àti ara ríro, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ gágá fi ń gba orúkọ màlééríà ní ilé wa. Bí ikọ́ àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn bá bá ibà náà wá, tí ẹlòmíràn nínú ilé sì ti ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti ń tọ́ka sí gágá. Síbẹ̀ ojú kò lè dá a mọ̀. Àyẹ̀wò màlééríà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka ṣe kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ, ó sì yẹ kí a ṣe é kí a tó gbé òògùn ibà mì. Ẹ rántí pé ẹnì kan lè ní méjèèjì pọ̀.

Àyẹ̀wò gágá náà wà, tí wọ́n ń fi òwú gbá inú imú. Èyí tí èsì rẹ̀ ń yá máa ń fo ọ̀pọ̀ aláìsàn dá: ó lè ní kò sí gágá lára ẹni tó ní in. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò ńlá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù, àmọ́ èsì rẹ̀ lè pẹ́. Nítorí náà, bí ewu bá wà lórí aláìsàn, dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró de èsì kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ìdí tí wákàtí 48 fi ṣe pàtàkì

Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá bímọ. Ó ní láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-tìn-tín tí a fi mọ ara, kó sì fi ipá mú sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ fáírọ́ọ̀sì gágá bá jáde, ara sẹ́ẹ̀lì tó bí wọn ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́, nítorí oríṣi súgà kan tó wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà ní ohun kan lára tó fi ń gé súgà yìí kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbéra lọ wá sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Ohun tó fi ń gé e yìí gan-an ni òògùn oselitámífíà, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Támífulù, máa ń dí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ fáírọ́ọ̀sì á wà lójú kan, wọn kò ní lè tàn kálẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òògùn náà kì í tún sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ ṣe. Ìtànkálẹ̀ nìkan ló ń dá dúró. Nínú gágá, iye fáírọ́ọ̀sì inú imú àti ọ̀fun máa ń dé góńgó láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ara fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ karùn-ún kó tó lo òògùn ń dènà ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Kékeré la ti ń pẹ̀kàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2003 fi èyí hàn kedere. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ló lo oselitámífíà, àmọ́ àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 tí ibà dé gbádùn ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí 48. Ẹ má ṣe rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni olúkúlùkù máa jèrè o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ pọ̀ ní ọdún 2014, èrè àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ kò tó ọjọ́ kan: àìsàn tí ì bá gba ọjọ́ méje gba ọjọ́ mẹ́fà àti díẹ̀. Òògùn náà sì lè mú kí inú máa rú, kí ènìyàn sì bì, ìdí nìyẹn tó fi dára kí a jẹun díẹ̀ kí a tó lò ó.

Ìyẹn ni kò fi yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ní gágá máa wá Támífulù kiri. Ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le máa sinmi, á mu omi dáadáa, á lo parasitamọ́ọ̀lù, á sì gbádùn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni àwọn tí gágá lè tètè pa: ẹni tó ti lé ní ọdún 65, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, aboyún àti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, ásímà, àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, ẹni tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, àti àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, tí jínótáìpù wọn jẹ́ SS. Ẹni tó bá wà nínú wọn kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ wo bóyá ara máa yá. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà ń lò ni mílígíráàmù 75 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára kéré sí i, ti ọmọdé sì ń tẹ̀ lé bó ṣe wúwo tó. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Kì í ṣe òògùn tí gbogbo kẹ́míìsì àdúgbò ń tà, nítorí náà ilé ìwòsàn ni ká kọ́kọ́ gbà lọ.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí agbára òògùn yìí mọ. Àjọ ìlera Amẹ́ríkà ṣì ń ní kí wọ́n tètè fún àwọn tí ewu wà lórí wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2024, gbà kí wọ́n lo oselitámífíà fún àwọn tí gágá wọn ti le. Fún àwọn tí tiwọn kò tíì le ṣùgbọ́n tí ewu ńlá wà lórí wọn, balọ́sáfíà ló dárúkọ, òògùn tuntun tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lórí ọ̀rọ̀ àkókò, ohùn wọn kò yàtọ̀: bó bá yá, ó dára jù. Ẹni tí àìsàn bá gbé dé ilé ìwòsàn ńkọ́? Wákàtí 48 kì í ṣe ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti pa mọ́ ọn. Àwọn dókítà ṣì máa ń fún un, kódà bí ọjọ́ bá ti lọ, nítorí pé nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí gágá ti wọ̀ lára, fáírọ́ọ̀sì lè máa bí sí i fún ọjọ́ pípẹ́.

Oselitámífíà kò ṣe nǹkan kan fún ọ̀fìnkìn, RSV tàbí Kòrónà. Fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn kò ní ohun tí òògùn náà ń dí lọ́wọ́. Kòrónà ní òògùn tirẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ìdí rèé tí kò fi tó kí ènìyàn dé kẹ́míìsì kó ní "ẹ fún mi ní òògùn fulúù." Ohun tí wọ́n sábà máa ń tà fún un lábẹ́ orúkọ yẹn ni òògùn tó ń gbẹ imú, tó sì ń dín ara ríro kù. Ó lè mú kó sùn, àmọ́ kò fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì.

Ohun tí gágá ń bàjẹ́ sílẹ̀

Láti inú imú títí dé inú àyà, irun tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló bo inú ọ̀nà tí èémí ń gbà. Àwọn irun yìí kì í sinmi. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀, eruku àti kòkòrò sókè kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, kí a lè gbé e mì tàbí kí a tu ú dànù. Sẹ́ẹ̀lì tó ru àwọn irun yìí ni gágá ń pa. Ibi tó bàjẹ́ á wà ní ìhòòhò, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sójú kan, yóò sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jinná tán.

Láàárín àsìkò náà, àwọn bakitéríà tó ti ń gbé imú àti ọ̀fun wa láìṣe wá ní nǹkan kan yóò ráyè sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ni niumokọ́kọ́ọ̀sì. Súgà tí fáírọ́ọ̀sì gágá ń gé kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tún ń ràn án lọ́wọ́: ibi tí súgà náà ti kúrò á ṣí sílẹ̀ kó lè rí ibi dì mú, súgà tó sì gé náà á di oúnjẹ fún un. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ì bá gbé bakitéríà náà mì, ti rẹ̀ lẹ́yìn ìjà fáírọ́ọ̀sì. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí gágá bẹ̀rẹ̀ ni ewu òtútù àyà yìí ń ga jù.

Ìkejì ni sitáfu. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé àwọn onípolówó òògùn ìbílẹ̀ ń dá a lé orí gbogbo àìsàn abẹ́ lórí rédíò. Inú imú ni sitáfu ń gbé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, láìfa wàhálà. Bó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn gágá, ìwà rẹ̀ le ju ti niumokọ́kọ́ọ̀sì lọ. Ó lè mú ọ̀dọ́ tí kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, kó lu ẹ̀dọ̀fóró ní ihò, kí aláìsàn máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, kó sì dá a dùbúlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Kò sí ẹni tó yẹ kó pe èyí ní ọ̀rọ̀ àtijọ́. Nígbà tí gágá oríṣi tuntun jà káàkiri ayé ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn 77 tó pa wò. Nínú 22 lára wọn ni wọ́n ti bá bakitéríà, bí òògùn apakòkòrò tilẹ̀ wà káàkiri nígbà náà. Niumokọ́kọ́ọ̀sì ló wà nínú 10, sitáfu wà nínú 7.

Bó ṣe máa ń lọ: aláìsàn kan láti ọjọ́ dé ọjọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 58 ni, ó ń ta pákó ní Bódìjà ní Ìbàdàn, ó sì ní ìtọ̀ súgà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, òtútù mú un lórí ìdúró. Kó tó délé, orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ń ro ó, ara rẹ̀ ti gbóná dé 39. Ọmọ rẹ̀ sáré lọ sí kẹ́míìsì, ó ra òògùn màlééríà àti àḿpíkílọ́ọ̀sì.

Ká ní wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 18 péré ló ti lọ. Dókítà ì bá ṣe àyẹ̀wò màlééríà, ì bá wo súgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bó bá sì rí i pé gágá ni ọ̀rọ̀ náà jọ, ì bá ti fún un ní òògùn gágá ní ọjọ́ yẹn gan-an nítorí ìtọ̀ súgà rẹ̀. Wọn kò gbé e lọ. Nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Rú lù, wákàtí 48 ti pé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ibà lọ. Ó jẹ àmàlà, ó jókòó síta, ó bá àwọn tó wá kí i sọ̀rọ̀. Ikọ́ ṣì kù díẹ̀. Gbogbo ilé ń dúpẹ́. Bó bá dúró síbẹ̀, gágá ti parí nìyẹn, ikọ́ àti àárẹ̀ nìkan ló kù tó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, òtútù tún mú un títí ó fi ń gbọ̀n, ara rẹ̀ sì gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ikọ́ tó gbẹ tẹ́lẹ̀ ti ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá báyìí, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi ti irin tó dípẹtà. Bó bá fẹ́ mí kanlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á gún un bí ọ̀bẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní màlééríà náà kò tán lára, pé kí wọ́n pààrọ̀ òògùn. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti ń bọ́. Ibà tó lọ fún ọjọ́ méjì, tó wá padà pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ gígún, kì í ṣe gágá mọ́. Kì í sì í ṣe ohun tí a ń pààrọ̀ òògùn màlééríà fún láìṣe àyẹ̀wò.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó jẹ́ 32. Wọ́n gbé e lọ ní òru yẹn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há ìka rẹ̀ fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ hàn, ó jẹ́ 89, bẹ́ẹ̀ 95 sókè ló yẹ kó jẹ́. Dókítà gbé etí lé àyà rẹ̀, ó gbọ́ ariwo ṣá-ṣá-ṣá nísàlẹ̀ ọ̀tún. Èkìsìréè fi ibì kan náà hàn ní funfun, níbi tó yẹ kó dúdú. Súgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fò sókè. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò bakitéríà, wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òògùn apakòkòrò láti ojú iṣan láìdúró de èsì. Wọ́n tún fi oselitámífíà kún un, nítorí pé ó ti di ẹni tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn. Bí ara rẹ̀ kò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tàbí tó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, wọn yóò fura sí sitáfu, wọn yóò sì fi òògùn tó kápá rẹ̀ kún un.

Aláìsàn mìíràn wà tí ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ara rẹ̀ kò yá rárá: láti ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ni èémí rẹ̀ ti ń ká, ikọ́ gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ló sì kàn. Nínú irú èyí, fáírọ́ọ̀sì gágá fúnra rẹ̀ ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn méjì yìí tún lè wáyé pọ̀. Kò sí èyí tó yẹ ká tọ́jú nílé nínú wọn.

Ohun tí ará ilé lè kà pẹ̀lú ojú lásán

Kíka èémí kò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹ jẹ́ kí ara ọmọ balẹ̀, kó má máa sunkún, kó má sì máa mu ọmú lọ́wọ́. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ikùn àti àyà rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wú sókè jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ fi aago kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ẹ má kà á fún ìdajì ìṣẹ́jú kí ẹ wá sọ ọ́ di méjì, nítorí èémí ọmọdé kì í dọ́gba. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì kò gbọdọ̀ tó 60. Láti oṣù méjì títí kó tó pé ọdún kan, kò gbọdọ̀ tó 50. Láti ọdún kan títí kó tó pé márùn-ún, kò gbọdọ̀ tó 40. Ọmọ tó bá dé iye yìí, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ti ń fi àmì òtútù àyà hàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ti àgbàlagbà, 30 ti jẹ́ ewu. Ètè tó ń dúdú, ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, àìlè jẹ àìlè mu, gbogbo wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ òru òní, kì í ṣe ti ọ̀la.

Ẹ má fún ọmọdé ní ásípírìn nítorí gágá. Òun àti gágá lè jọ ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ jẹ́. Parasitamọ́ọ̀lù tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àḿpíkílọ́ọ̀sì tí ọmọ ọkùnrin yẹn rà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé bí a bá tètè gbé òògùn apakòkòrò mì, òtútù àyà kò ní lè wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òògùn yẹn kì í pa fáírọ́ọ̀sì, kò sì lè mú irun inú ọ̀nà èémí hù padà. Àwọn bakitéríà tó rọ̀ ló ń pa kúrò nínú ọ̀fun, èyí tó le á sì ṣẹ́kù. Bí òtútù àyà bá wá dé ní tòótọ́, èyí tó le náà ni dókítà máa bá pàdé. Ọjọ́ tí àmì bakitéríà bá hàn ni òògùn bakitéríà wúlò.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà pín sí méjì. Ti gágá, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà kì í yé yí àwọ̀ padà. Kò sí nínú àjẹsára tí ìjọba ń fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn ará wa ní Ìlú Ọba tí wọ́n ti pé ọdún 65, àti àwọn aboyún, ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ti niumokọ́kọ́ọ̀sì wà fún àwọn ọmọ wa láti ọdún 2014: ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń gún un, lọ́fẹ̀ẹ́, ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìyá tó bá pa ọ̀kan jẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti já ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú bakitéríà tó ń tẹ̀ lé gágá wọlé jù lọ.

Bí gágá bá wọlé yín, ẹ mú bírò. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ibà bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó lọ. Bí dókítà bá béèrè, èyí àkọ́kọ́ ni yóò fi mọ̀ bóyá òògùn fáírọ́ọ̀sì ṣì lè ṣe aláìsàn yín láǹfààní púpọ̀. Bí ibà bá sì padà lẹ́yìn ọjọ́ kejì tí ẹ kọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.